Òpópónà Tí Ẹrù 391 Lọ, Tí Ráídà Kankan Kò Mọ̀

Lọ́jọ́ tí mo gbé ìwé tó ń sọ ibi tí àwọn ráídà wa ń gbé ẹrù lọ síwájú Àlhájà, ọ̀gá wa, ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ rín. Ìwé náà wu ojú lóòótọ́. Níbi tí a ti máa ń rí `6.5078214, 3.3841907` tẹ́lẹ̀, orúkọ òpópónà ti dé ibẹ̀, orúkọ àdúgbò sì tẹ̀ lé e. Lókè pátápátá ni òpópónà kékeré kan wà, láàárín Yábàá sí Ṣómólú, tí ẹrù 391 ti lọ láàárín oṣù mẹ́ta. Èyí tó tẹ̀ lé e kò tó 90. Àlhájà fi bírò yí orúkọ náà po. "Ibí yìí gan-an ni mo máa gba ṣọ́ọ̀bù sí," ni wọ́n wí, "kí àwọn kọ́sítọ́mà máa wá gba ẹrù wọn fúnra wọn."

Mi ò ní dárúkọ òpópónà náà. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò ṣẹ̀ wá.

Ilé-iṣẹ́ wa kò tóbi. Ráídà 14 ni wá, ọ́fíìsì wa wà ní Yábàá, aṣọ, bàtà, wíìgì àti oúnjẹ tí àwọn èèyàn ń tà lórí fóònù la sì máa ń gbé. Wébíìlì kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì lára, ṣùgbọ́n kọ́sítọ́mà ló ń kọ ọ́, bó bá sì ṣe wù ú ló ń kọ ọ́. "Lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, iwájú tíráńsífọ́mà, ẹ pè mí tí ẹ bá ti débẹ̀." Ráídà lè fi irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ dé ilé, àmọ́ èèyàn kò lè fi kà á pé ẹrù mélòó ló lọ síbo. Ohun tó ṣeé kà ni òǹkà méjì tí fóònù ráídà máa ń kọ sílẹ̀ nígbà tó bá tẹ `Delivered`: látítíùdù, tó ń sọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí ìlà ìdajì ayé tó, àti lọ́ńgítíùdù, tó ń sọ bó ṣe lọ sí ìlà oòrùn tó. Ní Èkó, àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6, èkejì pẹ̀lú 3. Ìlà 6,214 ló wà lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ tí Àlhájà bẹ̀ mí ni pé kí n sọ gbogbo rẹ̀ di orúkọ tí ọmọ ènìyàn lè kà.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni mo kọ́kọ́ gbà. Máàpù kan wà tó ń jẹ́ OpenStreetMap, tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí, tí ẹnikẹ́ni sì lè lò. Lórí máàpù yẹn ni Nominatim jókòó lé: o fún un ní òǹkà méjì, ó dá orúkọ padà fún ọ. Báyìí ni ìbéèrè kan ṣe rí:

```
https://nominatim.openstreetmap.org/reverse?format=jsonv2&lat=6.5078&lon=3.3842&zoom=17
```

`zoom=17` ń sọ fún un pé orí òpópónà ni kó dúró sí, kó má wọ inú ilé lọ. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó lófin: ìbéèrè kan ṣoṣo láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí o sọ irú ẹni tí o jẹ́ nínú `User-Agent`, kí o sì tọ́jú ìdáhùn tí o ti gbà kí o má bàa tún padà wá béèrè ohun kan náà. Ìlà 6,214 á gbà tó wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 43. Mo gé àwọn òǹkà náà kù sí mẹ́rin lẹ́yìn pọ́ìntì, tí í ṣe bíi mítà 11 lórí ilẹ̀, mo sì kó àwọn tó bá ara wọn mu pọ̀. Ó ku 4,120. Òǹkà nìkan ni mo fi ránṣẹ́. Mi ò fi orúkọ kọ́sítọ́mà tàbí nọ́ńbà wébíìlì kún un, nítorí sáfà onísáfà ni. Kí n tó jẹ àmàlà mi tán, iṣẹ́ ti parí.

Ibi tí mo ti ṣìnà ni pé mi ò ronú sí ohun tí Nominatim ń ṣe gan-an. Kì í sọ orúkọ ibi tí o dúró sí. Ohun tó sún mọ́ ibẹ̀ jù lọ nínú ìwé tirẹ̀ ló ń wá, àdírẹ́sì nǹkan ọ̀hún ló sì ń fún ọ. Kódà `lat` àti `lon` tó wà nínú ìdáhùn rẹ̀, ti nǹkan tó rí ni, kì í ṣe ti ibi tí o béèrè. Ó dà bí ìgbà tí o bi ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì ní kọ̀rọ̀ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ibo nìyí?" Ìyá náà kò ní sọ fún ọ láé pé òun kò mọ̀. Orúkọ tó bá wà lẹ́nu rẹ̀ nítòsí ló máa fún ọ, ìwọ náà á sì dúpẹ́.

Bàbá Ìbejì ló tú àṣírí yẹn. Àwọn ló dàgbà jù nínú àwọn ráídà wa, wọ́n ti gun ọ̀kadà ní Méńlándì kí ẹnikẹ́ni tó máa pè é ní díspáàṣì. Wọ́n wá gba owó epo ní ọ́fíìsì, wọ́n rí ìwé náà lórí tábìlì, wọ́n gbé gíláàsì wọn sójú.

"Búrọ̀dá Kọ̀ǹpútà, ta ló gbé ẹrù 391 lọ síbí?"

Mo ní gbogbo wa ni, sà.

"Gbogbo wa kẹ̀? Mo mọ ibẹ̀. Ilé tó wà níbẹ̀ kò pé ogójì. Láti ìgbà tí mo ti wà níbí, bóyá ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rí wébíìlì ibẹ̀." Wọ́n dá ìwé náà padà sórí tábìlì. "Àbí òkú ló ń ra wíìgì?"

Ẹ̀fẹ̀ yẹn dùn mí díẹ̀, kí n má purọ́. Àmọ́ mo padà sídìí òǹkà, mo ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe kí n tó béèrè orúkọ kankan rárá. Mo kà á pé òǹkà wo ló tún ara rẹ̀ wá jù:

```python
df.groupby(["lat", "lon"]).size().sort_values(ascending=False).head()
```

Ìlà àkọ́kọ́ tó jáde ni `6.5244  3.3792`, iye rẹ̀ 388. Ìlà kejì kò ju 17 lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí díẹ̀, nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. GPS fóònù kì í sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí o bá gbé fóònù sórí tábìlì, tí o sì ka ipò rẹ̀ nígbà mẹ́wàá, àwọn òǹkà tó wà lẹ́yìn pọ́ìntì, láti ìkarùn-ún lọ, á máa yí padà ṣáá. Ní ìta gbangba tí ọ̀run ti ṣí sílẹ̀, bíi mítà 5 ni fóònù máa ń fi ṣì, lábẹ́ páànù tàbí láàárín ilé gíga ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, kí ẹrù 388 wà ní ojú ibi kan ṣoṣo láìyẹ̀ rárá, ọwọ́ ènìyàn ló wà níbẹ̀, kì í ṣe sátẹ́láìtì. Ohun kejì ni gígùn òǹkà náà. Àwọn ìlà yòókù ní òǹkà méje lẹ́yìn pọ́ìntì, eléyìí ní mẹ́rin péré. Ìkẹta ni pé òǹkà méjèèjì yìí kì í ṣe àjèjì. Bí o bá béèrè lórí ẹ̀rọ pé níbo ni Èkó wà láyé, èyí ni òǹkà tí wọ́n sábà máa ń fún ọ fún gbogbo ìlú lápapọ̀. Ó wá bọ́ sí àárín Méńlándì, ibi tí ilé pọ̀ sí, tí òpópónà tó lórúkọ sì sún mọ́ ọn. Ká ní inú ọ̀sà ló bọ́ sí ni, ojú ẹsẹ̀ ni ǹ bá ti fura. Àwọn 391 tí Àlhájà yí bírò po, 388 nínú rẹ̀ ni Èkó lápapọ̀, mẹ́ta péré ni ẹrù gidi. Bàbá Ìbejì kò tiẹ̀ ṣi í kà.

Mo pe ọmọkùnrin tó kọ sọ́fítíwíà tí àwọn ráídà ń lò. Kò jiyàn. Ó ní bí fóònù bá kọ̀ láti sọ ipò rẹ̀, òun kò fẹ́ kí máàpù ojú fóònù ṣófo, ìdí nìyẹn tí òun fi ti òǹkà Èkó bọ ibẹ̀. Fún àwòrán ojú fóònù, ọgbọ́n ni. Àmọ́ òǹkà yẹn kan náà ló ń lọ sínú àkọsílẹ̀ bí ẹni pé ráídà dúró síbẹ̀. Nígbà tí mo pín 388 náà sí orí fóònù, 361 wá láti orí fóònù méjì péré. Ọ̀kan nínú wọn, ẹni tó ni ín ti pa `Location` nítorí bátìrì. Ìkejì, ó ti tẹ `Deny` lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí fóònù béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ̀ pé òun tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a bá ọmọkùnrin náà sọ kò gùn: bí ipò kò bá sí, kí ojú ibẹ̀ ṣófo. Ó tún un ṣe lọ́jọ́ kejì.

Ìlà 17 tó wà ní ipò kejì, `0, 0` ni. Inú òkun ni ibẹ̀ wà, gúúsù Gánà. Àwọn 43 kan tún wà tí akọ̀wé ọ́fíìsì fọwọ́ tẹ̀ sínú Excel láti orí àwòrán ojú fóònù, tó fi látítíùdù sí àyè lọ́ńgítíùdù. Wọ́n rí bíi `3.38, 6.52`, inú òkun náà ni, ní ìsàlẹ̀ ìpínlẹ̀ Bayelsa. Irú àṣìṣe báyìí kì í dà mí láàmú, nítorí Nominatim fúnra rẹ̀ á sọ pé `Unable to geocode`. Mo yí 43 náà padà sí àyè wọn, mo kọ òfin kan sínú kọ́ódù pé látítíùdù tí kò bá sí láàárín 6.3 sí 6.8, kí a gbé e sápá kan. Àṣìṣe tó ń pariwo, àánú ni. Èyí tó bá lórúkọ dáadáa lára ni kí ẹ bẹ̀rù.

Lẹ́yìn tí mo yọ 388 àti 17 kúrò, mo rò pé mo ti bọ́. Mo tún wo orúkọ àwọn òpópónà tó kù, ni mo bá rí i pé ẹrù mẹ́sàn-án ló "dé ọwọ́ kọ́sítọ́mà" lórí afárá Third Mainland. Afárá yẹn gùn tó kìlómítà 11.8, kò sí ilé kan lórí rẹ̀. Ta ló dúró síbẹ̀ gba bàtà?

Àwọn ráídà nìkan ló lè dá mi lóhùn, mo sì mọ ibi tí wọn máa ń wà ní agogo méjì. Bùkà kan wà lẹ́yìn ọ́fíìsì wa, ìyá tó ni ín máa ń pa fáànù tí ọjà kò bá yá. Mo jókòó ti Bàbá Ìbejì. Wọ́n ti fọwọ́, wọ́n fà fóònù wọn jáde, wọ́n nu omi ọwọ́ sára ṣòkòtò, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò tẹ `Delivered`, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, títí ó fi di mẹ́fà.

"Sà, ṣé àwọn ẹrù yẹn ń lọ ni?"

"Wọ́n ti lọ tipẹ́. Láàárọ̀ ni mo ti gbé wọn délé. Nígbà tí kọ́sítọ́mà bá ń gbowó lọ́wọ́ ọ̀tún, tí ọmọ rẹ̀ ń fa ẹrù lọ́wọ́ òsì, tí òjò ń bọ̀, ta ló fẹ́ máa tẹ fóònù? Tí mo bá jókòó, mo máa ń tẹ gbogbo ẹ̀ pa pọ̀."

Ẹrù mẹ́fà, tó dé ilé mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní Ìwáyà àti Àkọ́kà, ìwé wa á sọ pé ẹ̀yìnkùlé oníbùkà ni gbogbo wọn lọ. Ti orí afárá náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ̀rọ-ayélujára kò sí níbi tí wọ́n ti tẹ bọ́tìnnì náà, sọ́fítíwíà náà sì dúró títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi padà, ó wá ka ipò nígbà yẹn dípò ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. GPS kò ṣì. Òótọ́ ló sọ nípa ibi tí fóònù wà, ìbéèrè wa ni kò bá òótọ́ náà mu.

Bí a ṣe ń dá irú rẹ̀ mọ̀ ni pé kí a to àkọsílẹ̀ ráídà kọ̀ọ̀kan bí aago ṣe tò ó, kí a wá wo wébíìlì tí ó bá ju méjì lọ tí wọ́n tẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta ní ibi tí kò ju mítà 50 lọ síra wọn. Ó lè jẹ́ pé ilé ńlá kan ló gba mẹ́ta lóòótọ́, nítorí náà bí orúkọ tó gbà á bá jẹ́ ọ̀kan náà, mo fi wọ́n sílẹ̀. Èyí tó kù jẹ́ 702. Mi ò pa wọ́n rẹ́. Mo kọ "ipò kò dájú" sí wọn lára, mo sì yọ orúkọ òpópónà kúrò. Ìlà tó ku tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé jẹ́ 5,107.

Nísinsìnyí ni ọ̀rọ̀ àdúgbò wá kàn, níbẹ̀ ni àríyànjiyàn sì wà jù. Nínú ìdáhùn Nominatim, `suburb` wà, `neighbourhood` wà, `county` wà. Ìjọba ìbílẹ̀ ní ààlà tó wà nínú òfin: 20 ni ti Ìpínlẹ̀ Èkó nínú ìwé òfin Nàìjíríà, ìjọba ìpínlẹ̀ sì fi ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ 37 kún un. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sọ pé "mò ń gbé Lagos Mainland". Yábàá ló ń sọ, tàbí Sàbó, tàbí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kò ní ààlà lórí OpenStreetMap. Ojú kan ṣoṣo ni ẹnì kan fi sàmì sí lórí máàpù tó kọ orúkọ sí i. Ẹ̀rọ á wo ojú tó sún mọ́ ọn, á sì fún ọ ní orúkọ yẹn. Ní òpópónà Ìkòròdú, Jíbówú, Fádéyì àti Ọnípanu tẹ̀ lé ara wọn bí ọmọ ìyá. Bí ẹni tó sàmì Fádéyì bá gbé e lọ sápá Jíbówú díẹ̀, ilé mẹ́wàá á ti di ará Ọnípanu láì kó ẹrù.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ lásán fún wa, owó ló wà ńbẹ̀. Iye tí ráídà ń gbà fún Bàríga ju ti Yábàá lọ. Ráídà kan ti ń ráhùn láti ọjọ́ pípẹ́ pé wọ́n ń san owó Yábàá fún òun fún ibi tí gbogbo ayé ń pè ní Bàríga.

A kò lè yanjú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà nìkan. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ṣí QGIS, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ya máàpù, sórí ògiri ọ́fíìsì pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán, mo pe ráídà mẹ́ta àti Àǹtí tó ń gba ìpè kọ́sítọ́mà. Wọ́n ń sọ, èmi ń fa ìlà. Wákàtí mẹ́rin la lò. Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta rọrùn, torí àwọn òyìnbó ti fi rúlà la òpópónà ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ojú irin sì ń pín in. Àkọ́kà àti Bàríga fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà.

"Láti ibi tí o ti ń rí géètì Yunifásítì, Àkọ́kà ni," Àǹtí ní.

Ráídà náà ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Tí ẹ bá wọ kórópe, kí lẹ máa ní kí ó já yín sí?"

Ìbéèrè yẹn la wá sọ di òfin. Ibi tí ìjà bá ti wà, orúkọ bọ́sítọ́ọ̀pù tí èrò máa ń pè ló borí. Ibi tí ìyẹn náà kò bá ti yanjú rẹ̀, a fún ilẹ̀ tóóró náà ní orúkọ méjèèjì, "Àkọ́kà/Bàríga", a sì ṣírò owó rẹ̀ bíi Bàríga. Àdúgbò 27 la fà. Mo fi pamọ́ bíi `adugbo.geojson`. Ẹ rántí pé nínú GeoJSON, irú fáìlì tí wọ́n ń fi tọ́jú máàpù, lọ́ńgítíùdù ló máa ń ṣíwájú, òdìkejì bí a ṣe ń pè é lẹ́nu. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gbé Èkó lọ sínú òkun.

```python
pts = gpd.GeoDataFrame(df,
    geometry=gpd.points_from_xy(df.lon, df.lat), crs="EPSG:4326")
agb = gpd.read_file("adugbo.geojson")
out = gpd.sjoin(pts, agb, how="left", predicate="within")
```

Kọ́ódù yìí kò wá ohun tó sún mọ́. Ó ń béèrè bóyá ojú náà wà nínú ààlà. Bí kò bá sí nínú ìkankan, òfìfo ló máa dá padà, ohun tí mo sì fẹ́ gan-an nìyẹn. Ìlà 212 jáde ní òfìfo, Lẹ́kí àti apá ìlú Ìkòròdú ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn yẹn, ìjọba ìbílẹ̀ nìkan ni mo kọ sí wọn lára.

Fún orúkọ òpópónà, mo fi sáfà ọ̀fẹ́ sílẹ̀, mo gba máàpù Nàìjíríà látọ̀dọ̀ Geofabrik, tí wọ́n ń gé OpenStreetMap sí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, mo yọ àwọn òpópónà Èkó jáde, mo wá wọn bí wọ́n ṣe jìnnà tó ní mítà. Látítíùdù àti lọ́ńgítíùdù kì í ṣe mítà, dìgírì ni wọ́n, nítorí náà a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí wọn sí EPSG:32631, ètò òǹkà tó ń lo mítà, tí í ṣe ti ilẹ̀ tó wà láàárín dìgírì 0 sí 6 ní ìlà oòrùn.

```python
r = gpd.sjoin_nearest(pts.to_crs(32631), ona.to_crs(32631),
                      how="left", max_distance=60, distance_col="mita")
```

Ohun méjì ló bá mi níbí. Àkọ́kọ́, ìlà 5,107 wọlé, 5,163 jáde. Ẹrù 56 ti bí ìbejì! Lórí OpenStreetMap, wọ́n máa ń gé òpópónà kan sí wẹ́wẹ́. Bí ibi tó sún mọ́ ẹrù jù bá jẹ́ ojú ibi tí wẹ́wẹ́ méjì ti pàdé, méjèèjì á jìnnà bákan náà, kọ́ódù á sì kó méjèèjì wá. Ká ní mi ò ka iye ìlà ṣáájú àti lẹ́yìn, a ò bá ti san owó fún ìrìnàjò tí ẹnikẹ́ni kò lọ. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo fi sílẹ̀ fún wébíìlì kọ̀ọ̀kan.

Ìkejì, èmi fúnra mi ni mo fà á. Kí iṣẹ́ lè mọ́, mo ti yọ gbogbo òpópónà tí kò lórúkọ kúrò kí n tó wá èyí tó sún mọ́. Ní Ìwáyà àti apá ibì kan ní Bàríga, ọ̀nà tóóró tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ orúkọ rẹ̀ sórí máàpù pọ̀. Bí o bá yọ ọ̀nà náà, ẹrù tó lọ síbẹ̀ á fò lọ lẹ̀ mọ́ òpópónà tó lórúkọ ní mítà 40 sí i. Mo dá wọn padà. Bí èyí tó sún mọ́ jù kò bá lórúkọ, "ọ̀nà aláìlórúkọ" la kọ, àdúgbò rẹ̀ nìkan ló sì dájú.

Òfin tí mo wá fi mọ ìgbà tó yẹ kí n dárúkọ òpópónà ni èyí: kí ó má ju mítà 25 lọ, kí òpópónà mìíràn tó ní orúkọ ọ̀tọ̀ sì jìnnà tó ìlọ́po méjì rẹ̀, ó kéré tán. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mo kọ "nítòsí" sí iwájú orúkọ náà. Ní òpópónà Ìkòròdú, mo jẹ́ kí ó dé 40, nítorí àárín títì ni ìlà máàpù máa ń gbà, títì ọ̀hún sì fẹ̀. Ní Erékùṣù Èkó, mo ju òfin náà nù. Láàárín Balógun àti Ìdúmọ̀tà, ilé gíga wà lọ́tùn-ún lósì, àmì sátẹ́láìtì ń gbá ara ògiri kó tó dé fóònù, òpópónà sì sún mọ́ra ju àṣìṣe GPS lọ. Bí o bá dúró sí ojúlé kan, fóònù lè sọ pé òpópónà kejì lo wà. Fún gbogbo ibẹ̀, àdúgbò nìkan la kọ, ráídà á sì kọ orúkọ pílásà sí i fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ àtijọ́ kò pẹ́ lọ́wọ́ mi. Máàpù ń kọ Funsho Williams Avenue, Bàbá Ìbejì àti ìdajì àwọn kọ́sítọ́mà wa ṣì ń pè é ní Western Avenue. A fi orúkọ méjèèjì sí ìwé tí ráídà ń gbà, ó parí.

Nígbà tí mo tún gbé ìwé náà síwájú Àlhájà, òpópónà 391 ti di ẹrù mẹ́ta. Bàríga ló wà lókè láàárín àwọn àdúgbò pẹ̀lú 604, Ṣómólú tẹ̀ lé e pẹ̀lú 571, òpópónà kankan kò sì dá yàtọ̀ tó láti torí rẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní àwọn máa ronú sí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, mo fi òǹkà rẹ̀ gan-an sí i, pẹ̀lú mítà tó fi jìnnà sí òpópónà náà, kí ẹni tó bá ṣiyèméjì lè wò ó. Ráídà tó ń ráhùn gba àjẹmọ́nú owó Bàríga rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta.

Ohun tí Àlhájà kò fẹ́ràn ni ìlà tó wà lókè gbogbo rẹ̀, tó ga ju Bàríga lọ: "Ipò kò sí tàbí kò dájú: 1,107." Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 18 nínú ọgọ́rùn-ún.

"Ṣé o ò lè gbé eléyìí sísàlẹ̀ ni? Ó ń ba ìwé jẹ́."

Mo ní, "Ẹ má bínú mà, òkè yẹn ló máa wà." Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá pe àwọn ráídà méjèèjì tó ni fóònù tí ẹrù 361 yẹn ti wá wọlé, wọ́n ní kí wọ́n mú fóònù wọn wá, kí n ṣí `Location` níṣojú àwọn.